Kò Sí Ọ̀pá Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ọpọlọ

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo san fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Ẹni tó ṣe é ní òun máa fi mọ èròjà tó gbẹ nínú ọpọlọ rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Tí ọkọ̀ bá kọ iṣẹ́, màá fa ọ̀pá yọ, màá wo ibi tí ọ́ìlì dé.

Káfíńtà ni àbúrò mi. Nígbà tí ìyá wa kú, ó sunkún bí ọmọdé, àmọ́ ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín tí a bá rántí àrà ìyá, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò kú. Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi fọwọ́ kan ayùn. Kò sùn dáadáa, oúnjẹ ò wù ú, ó ní òun ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan wo ìwé àyẹ̀wò tí mo mú wá, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan ò lè sọ ìyẹn. Èyí tí àwa máa yẹ̀ wò, ká lè mọ̀ bóyá àìsàn mìíràn ló fà á ni."

"Kí lẹ wá fi ń mọ̀ ọ́n?"

"Ẹnu ẹ̀."

Àmì mẹ́sàn-án ló bi í léèrè: oorun, oúnjẹ, okun ara, bó ṣe ń ronú. Ó tiẹ̀ bi í nípa ikú.

"Mi ò fẹ́ pa ara mi, mà. Ó kàn ń wù mí kí n má jí ni."

Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ó gbọ́dọ̀ tó márùn-ún," ni dókítà wí, "kí ìbànújẹ́ tàbí pé nǹkan ò wu èèyàn mọ́ wà nínú wọn, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kó sì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tiwọn jẹ́ méje. Ìsoríkọ́ ni."

Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa wá bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ó ní: "Inú ń rìn mí, kò sì ṣe nǹkan kan. Màá dà á nù."

Mo gbè é lẹ́yìn! Ọ́ìlì wo ló ń pẹ́ tó ọjọ́ mọ́kànlá kó tó ṣiṣẹ́? Síbẹ̀, owó oògùn ń dùn mí, mo bá mú un padà lọ bi wọ́n.

"Ẹ gbé ọ́ìlì kúrò lọ́kàn, bàbá," ni dókítà wí. "Kì í ṣe pé èròjà kan tán. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Oògùn náà ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Inú rírìn á lọ. Ẹ má ṣàdédé dá a dúró."

"Tí kò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"A máa pààrọ̀ ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀. Àbúrò mi ló kọjú sí: "Ẹ máa ṣe ohun kékeré kan lójúmọ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wù yín."

Ó gbé oògùn náà mì lójú wa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń fá ẹsẹ̀ àga kan.

"Ó ku mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé wàá parí ẹ̀ lónìí?"

"Rárá o. Ó ti rẹ̀ mí." Ó gbé sánpépà tó fi ń fá igi sílẹ̀. "Àmọ́ ebi ń pa mí."

Mo sáré lọ ra oúnjẹ. Mi ò béèrè iye tí wọ́n ń tà á.