Ọjọ́ Kejìdínlógójì Lẹ́yìn Tí Mo Tẹ Bọ́tìnnì

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé mo ti fọwọ́ wọ́nú. N kò fọwọ́ wọ́nú rárá.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama aládàáni kan ní Ilare. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, èmi náà sì ni ọ̀fíísà ìdánwò, ìyẹn ẹni tí gbogbo máàkì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Títí di ọdún tó kọjá, káàdì là ń fún àwọn òbí ní ìparí táàmù. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa, ẹni tó ni ilé ìwé, san owó fún pọ́tàlì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ yóò kó máàkì sí i, òbí yóò wo èsì ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá ní káàdì ti di ohun àtijọ́. Ó dùn mọ́ mi, torí èmi ni mo máa ń fọwọ́ kọ káàdì wọ̀nyẹn títí ìka á fi máa ro mí.

Ọ̀gá yìí kan náà ló ní ilé mẹ́ta ní Mọdákẹ́kẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Mo sọ èyí nítorí pé orí onílé ló fi ń ronú gbogbo nǹkan. Ní ìparí oṣù keje, nígbà tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi, ó ní òun ti rí pọ́tàlì mìíràn tó dára ju èyí lọ, ká fi àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì, a jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Tíṣà, bá mi dá nǹkan wọ̀nyí dúró, kí wọ́n má tún fọwọ́ kan káàdì báǹkì mi mọ́."

Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé máàkì àwọn ọmọ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí ayálégbé bá kó jáde nílé mi, tó gbàgbé ẹrù, ṣé mo máa ń dáná sun ún ni? Á padà wá kó o." Mo gbà fún un. Èmi tí mo ń fi ẹnu mi kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè tán kí wọ́n tó dáhùn.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀kan ní kí á dá a dúró nígbà tí àkókò tí a ti sanwó fún bá parí, ìyẹn ìparí oṣù kẹjọ. Èkejì ní kí á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Lókè wọn, wọ́n kọ ọ́ pé kí á kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ wa sórí kọ̀ǹpútà tiwa, wọ́n sì fi ibi tí a ó tẹ̀ síbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà. Jẹnẹrétọ̀ ń kígbe pé epo òun ń tán lọ, ọ̀gá ń wo aago. N kò kó àkọsílẹ̀ kankan, mo tẹ èyí tó ní lójú ẹsẹ̀. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, ojú ìwé àwọn ọmọ ti lọ. Ó ku ojú ìwé kan ṣoṣo tó ń bèèrè bóyá a fẹ́ tún sanwó. A pa kọ̀ǹpútà, a lọ ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo tún ilé ìkó-nǹkan-sí ṣe. Ìwé máàkì SS2, èyí tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi kọ máàkì kó tó gbé e sórí pọ́tàlì, mo dì í pọ̀ mo gbé e fún màmá aláàkàrà tó wà ní igun òpópónà wa, kó fi máa di àkàrà. Ó fún mi ní àkàrà méje. Mo ronú pé mo ṣe oore, mo sì tún jẹun. Bàọ́lọ́jì tèmi ló wà lókè pátápátá.

Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní oṣù kẹsàn-án ni obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ wọlé bá èmi àti ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Mo mọ ọmọ náà dáadáa, ó wà ní kíláàsì mi ní SS2. Ìyá rẹ̀ ti kó ọjà rẹ̀ lọ sí Iléṣà, ó sì fi ọmọ sí ilé ìwé kan níbẹ̀ láti ṣe SS3. Ilé ìwé tuntun ní tí kò bá mú máàkì SS1 àti SS2 wá kí wọ́n tó pa ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá dé, àwọn yóò dá a padà sí SS2. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fún un.

Ìyá náà tú ọ̀rá kan. Káàdì SS1 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Ti SS2 ni kò sí, sà. Orí fóònù lẹ ní ká máa wò ó. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń wò ó, wọ́n ní n kò láṣẹ."

Mo tan kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé tó ń bèèrè owó nìkan ló jáde. Mo pe nọ́ńbà wọn. Ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù gbé e. Ó ní kí n fún òun ní orúkọ ilé ìwé. Mo gbọ́ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó wá ní, "Sà, ẹ ti dá a dúró. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ dá a dúró, a tọ́jú àkọsílẹ̀ yín fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ká ní ẹ tún sanwó láàárín ìgbà yẹn, ohun gbogbo ì bá padà. Òní ló pé ọjọ́ kejìdínlógójì. Ó ti parẹ́."

Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó ní òun ti wò ó. Mo ní ṣé ibì kan kò sí tí wọ́n ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí. Ó ní ẹ̀dà náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà fún ìgbà tí ẹ̀rọ tiwọn bá dàrú, àwọn kì í ṣí i fún oníbàárà kan ṣoṣo, òun náà yóò sì parẹ́ láìpẹ́. Ó ní lẹ́ẹ̀mẹta ni àwọn kọ ímeèlì sí wa láti kìlọ̀. Mo bèèrè pé ímeèlì wo. Ó ka àdírẹ́sì náà fún mi. Ọmọ kan ní ilé kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́bàá géètì yunifásítì ló ṣí i fún ọ̀gá lọ́dún tó ti pẹ́. Ọ̀gá kò mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ rí láyé.

Mo bú ọmọkùnrin yẹn. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí olùkọ́ sọ létí òbí. Irú ilé iṣẹ́ wo ló ń pa iṣẹ́ ọdún kan rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi fóònù pè wá? Wọ́n mọ nọ́ńbà wa nígbà tí owó yóò wọlé. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Kò purọ́ kankan fún mi, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Mo kọjú sí ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ rántí ẹrù ayálégbé tẹ́ ẹ sọ?" Ó ní, "Èmi máa ń fún wọn ní nótíìsì." Mo ní, "Wọ́n fún ẹ̀yin náà." Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fa ìwé kan yọ, ó ní, "Tíṣà, kí ló le níbẹ̀? Kọ ọgọ́ta fún un nínú gbogbo rẹ̀. Fún un ní àádọ́rin nínú Bàọ́lọ́jì, ìwọ lo ṣáà ni ín. Ta ló máa mọ̀?"

Ó sọ ọ́ níṣojú ọmọ náà. Mo jáde, ìyá àti ọmọ tẹ̀ lé mi.

Màmá aláàkàrà ń yí àkàrà lọ́wọ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, èmi àgbàlagbà, mo bẹ̀ ẹ́ pé ìwé tí mo kó wá ńkọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ náà lo ní kò wúlò mọ́." Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́, mo sì ti ta tiwa ní àkàrà méje. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ti àpò kan sí mi. Ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a ń ṣí ìwé. Láti iwájú ìwé kọ̀ọ̀kan ni màmá ti máa ń ya ewé, orúkọ ọmọ náà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú orúkọ kíláàsì, lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Ìyẹn ló gbà wá. A rí Ìṣirò. A rí Gẹ̀ẹ́sì, epo ti ta sí i ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Kẹ́mísírì, Físíìsì, Yorùbá. Ìyá rẹ̀ ń pe máàkì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. A rí mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án.

Bàọ́lọ́jì ni a kò rí. Òun ló wà lókè, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi di àkàrà. Mo da àpò náà kanlẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n. Màmá ní, "Tíṣà, ìyẹn ti tán láti ọjọ́ kìíní. Mo rò pé nínú rẹ̀ gan-an ni mo ti di méje tìrẹ."

Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá padà sí mi lọ́kàn, mo sì jẹ́wọ́ pé mo rò ó. Àádọ́rin. Ta ló máa mọ̀? Mo ti gbé bírò sókè. Ọmọ yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ló dé tí òun yóò fi padà sí SS2 nítorí ìka tèmi?

Ọmọ náà ní, "Sà, mọ́kàndínlógójì ni."

Mo ní kí ló sọ.

Ó ní, "Máàkì ọdún mi nínú Bàọ́lọ́jì. Mọ́kàndínlógójì ni mo gbà. Ẹ ní kí n dìde dúró níwájú kíláàsì, ẹ pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ọ̀lẹ ni mí, pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ìyá rẹ̀ gbé ojú sókè, ó wò mí. Kí n sọ òtítọ́, èmi kò rántí ọjọ́ yẹn rárá.

Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí, sà." Mo kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ àlàyé bí àkọsílẹ̀ ṣe sọnù àti ẹni tó sọ ọ́ nù, mo kọ orúkọ ara mi síbẹ̀, mo lu òǹtẹ̀ ilé ìwé lé e láìbèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ilé ìwé Iléṣà gbà á ní ọjọ́ kẹta.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ta ni mò ń bínú sí, ilé iṣẹ́ yẹn ni tàbí ọ̀gá. Mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì. N kì í sọ fún wọn pé nínú gbogbo ohun tí mo kọ tàbí tí mo sọ nípa ọmọ yẹn fún odindi ọdún kan, èébú yẹn nìkan ni kò parẹ́.