Ìdúnàádúrà Kòfowórọlá ní Kóòtù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Kòfowórọlá Akínlabí ti ń ṣa obì ní Ṣàgámù. Bó bá gbé obì kan sọ́wọ́, tó dijú, yóò sọ bóyá kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n ṣà tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ méjì ló jẹ́rìí sí i.

Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé. Wọn á da obì sílẹ̀ lórí ẹní, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọn á yọ èyí tó ti gbọgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n fún èyí tó dára. Èyí tó dára ń lọ sí òkè ọya. Èyí tí kòkòrò ti jẹ di ti aṣàbì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, bí kò ṣe sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjò ń tutù. Kòfowórọlá a máa gbé tirẹ̀ lọ sí àdúgbò Òfin, fún àwọn arúgbó tí eyín wọn ti dágbére, tó jẹ́ pé lílọ̀ ni wọ́n ń lọ obì kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Wọn kì í bi í léèrè kòkòrò. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ó ń fi adùn sí i.

Alàgbà Ọdẹ́yẹmí ló ni ìsọ̀ tí Kòfowórọlá ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó lọ gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn, ó sì fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀, Tìmílẹ́hìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì. Tìmílẹ́hìn ra òṣùwọ̀n. Ó wọn obì tó wọlé, ó wọn èyí tó jáde, àwọn méjèèjì kò bára mu. Ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ gbé sínú báàgì yẹn, Mà?"

"Obì."

"Obì ta ni?"

"Obì mi ni. Àbí ìwọ náà fẹ́ jẹ kòkòrò ni?"

Tìmílẹ́hìn pe ọlọ́pàá. Ní tẹ́ṣàn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ká obì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé obì ni. Ọ̀rọ̀ kòkòrò kò wọ inú ìwé.

Ó dé iwájú adájọ́ májísíréètì, wọ́n ka ẹ̀sùn olè sí i létí, ó ní òun kò jẹ̀bi. Wọ́n fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n oníduùró gbọ́dọ̀ ní ilé ní Ṣàgámù pẹ̀lú ìwé ilé. Gbogbo ẹni tí Kòfowórọlá mọ̀ ló ń gbé ilé onílé. Nítorí náà, wọ́n mú un lọ sí àhámọ́ láti dúró de ìgbẹ́jọ́.

Ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, Tìmílẹ́hìn tó jẹ́ ẹlẹ́rìí kò wá. Ìkejì, kóòtù kò jókòó. Ìkẹta, ọlọ́pàá kan gbé báàgì sókè, ó ní báàgì ni. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá.

Ìgbẹ́jọ́ kẹrin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹjọ́ mẹ́tàlélógójì ló wà níwájú adájọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Bí ẹlẹ́rìí bá ń yára sọ̀rọ̀, á gbé bírò sókè, á ní, "Ẹ rọra. Ọwọ́ ni mo fi ń gbọ́."

Wọ́n kọ́kọ́ pe ẹjọ́ Bánkọ́lé, ọkùnrin ará Ìrólú kan tó yọ ẹ̀rọ ìfami aládùúgbò rẹ̀ lójú kànga. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni aládùúgbò náà ti gun ọ̀kadà wá jẹ́rìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbọ́ ọ. Ní báyìí, Bánkọ́lé ti gbà. Ó ti dá ẹ̀rọ padà. Olúsànyà, ọlọ́pàá tó ń ṣe agbẹjọ́rò fún ìjọba, ti bá lọ́yà rẹ̀ dúnàádúrà: kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀sùn kékeré, kí wọ́n yọ ńlá kúrò. Aládùúgbò náà buwọ́ lù ú pé òun fara mọ́ ọn. Adájọ́ kò bá wọn dá sí ìdúnàádúrà, àbájáde rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wá bá a. Ó bi Bánkọ́lé bóyá òótọ́ ni, bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú un.

"Ẹ̀rí ọkàn mi nìkan, Olúwa mi. Òun àti ìyàwó mi."

Wọ́n ní kó gé koríko ọgbà ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹjọ́ tó ti ń fà láti ọdún tó kọjá parí kí ènìyàn tó jẹ gúgúrú ìwé kan tán. Aládùúgbò náà jáde, ó ń kọrin. Adájọ́ na ìka ọwọ́ rẹ̀.

Níta, lábẹ́ igi, Dámisọ́lá, lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba fún Kòfowórọlá, ti jókòó tì í pẹ̀lú ìwé kan. Ọ̀dọ́bìnrin ni, àpò rẹ̀ kún fún ẹjọ́ ọgbọ̀n ènìyàn míì.

"Ẹ wò ó, Mà. Wọ́n máa yọ ẹ̀sùn olè. Ẹ máa jẹ̀bi pé wọ́n bá ohun tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ ẹrù olè lọ́wọ́ yín. Ìjìyà rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méje tí ẹ ti lò. Ẹ ń lọ sílé lónìí."

"Lónìí?"

"Lónìí, Mà. Òfin ní kí n sọ fún yín pé ẹ lè dákẹ́, pé kò sí dandan pé kí ẹ jẹ́wọ́ ohunkóhun, àti pé bí ẹ bá jẹ́wọ́, wọ́n á kọ ọ́ sí orúkọ yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé lórí."

"Bí n kò bá buwọ́ lù ú ńkọ́?"

"Ẹ ó padà sí àhámọ́. Ìgbẹ́jọ́ tó kàn á tó oṣù mẹ́ta."

Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀gbọ́n Kòfowórọlá, ti dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Kòfo, buwọ́ lu ìwé yìí! Ta ló ń ka ìwé kóòtù?"

"Ìsọ̀ wo ló máa gbà mí lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi? Ta ló máa jẹ́ kí olè jókòó ti ẹní obì?"

"O ò jẹ́ olè!"

"Ẹ sọ fún ìwé."

"Bí o bá kú síbẹ̀, ìwé á sunkún ni? Ẹni tó fẹ́ràn oorun bíi tìẹ, lórí ilẹ̀ tí ogún ènìyàn ń há mọ́ra!"

Kòfowórọlá wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹsẹ̀ yẹn ń gbé oúnjẹ wá bá a ní àhámọ́. Ó gba bírò, ó buwọ́ lù ú.

Wọ́n pe ẹjọ́ rẹ̀. Olúsànyà ka àdéhùn náà pẹ̀lú ohùn ẹni tí ebi ń pa. Tìmílẹ́hìn ti buwọ́ lù ú lórúkọ ìsọ̀. Adájọ́ kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Olúwa mi. Ìwé tó dáa ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àfi ibi tí orúkọ mi wà."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ jẹ̀bi ohun tí wọ́n kọ?"

Kòfowórọlá wẹ̀yìn. Wúlẹ̀mọ̀tù ń mi orí sí i bí alángbá: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

"Olúwa mi, wọ́n ní bí mo bá ní mo jẹ̀bi, mo ń lọ sílé. Bí mo bá ní n kò jẹ̀bi, mo ń padà sẹ́wọ̀n. Mo ti nájà púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí irú ọjà yìí rí. Obì tí mo gbé, tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dun ẹ̀gbọ́n mi."

Olúsànyà ń wo àjà. Dámisọ́lá bo ojú.

"Èmi kò lè dá ẹni tó ní òun kò jẹ̀bi lẹ́bi," ni adájọ́ wí. Ó ń kọ ọ́ bó ti ń sọ ọ́. Ó kọ pé kò jẹ̀bi ni ìdáhùn rẹ̀. Ó ní adájọ́ mìíràn ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mẹ́nu ba ìwé àdéhùn yìí níbẹ̀, àti pé kò tún sí irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ẹjọ́ yìí. "Ẹ ti ná an lẹ́ẹ̀kan, Ìyá. Ó tán."

"Ẹ ṣé, Olúwa mi. Ẹni tó bá ń ná kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì, orí rẹ̀ ni kí wọ́n wò."

Wọ́n mú un padà sí àhámọ́. Nígbà tí ó ń wọ ọkọ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù ti oúnjẹ sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú ìbínú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún lò. Lẹ́yìn náà, Dámisọ́lá bẹ adájọ́ tuntun, ìyẹn sì ní ẹnìkan tí a mọ ibùgbé rẹ̀ ti tó láti dúró fún un. Wúlẹ̀mọ̀tù ló dúró, lórí ẹsẹ̀ kan.

Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, Alàgbà Ọdẹ́yẹmí ti dé láti Ìbàdàn. Ẹlẹ́rìí ìjọba ni wọ́n fi í ṣe, nítorí òun ló ni obì. Ó fi gíláàsì dúdú bojú bí olórin. Dámisọ́lá dìde.

"Bàbá, ní ìsọ̀ yín, ta ló ni obì tí kòkòrò ti jẹ?"

"Aṣàbì ni. Láyé bàbá mi, aṣàbì ni."

"Ṣé ẹ sọ èyí fún Ọ̀gbẹ́ni Tìmílẹ́hìn?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo rò pé wọ́n ń kọ́ wọn ní yunifásítì."

"Ẹ wo inú báàgì yìí fún wa."

Ó mú obì kan, ó gbé e súnmọ́ imú, ó fọ́ ọ. Kòkòrò kan jáde, ó rìn lórí tábìlì ẹ̀rí bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè pẹ́. Olúsànyà sún ìwé rẹ̀ sẹ́yìn.

Dámisọ́lá ní ìjọba kò ní ẹjọ́ tó yẹ kí Kòfowórọlá fèsì sí. Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dá a sílẹ̀.

Lábẹ́ igi, Tìmílẹ́hìn wá dọ̀bálẹ̀. Kòfowórọlá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ó tó ní kó dìde. Nígbà tó lọ tán, Dámisọ́lá dé, àpò rẹ̀ ṣì wúwo.

"Ẹ má bínú sí mi, Mà. Èmi ni mo ní kí ẹ buwọ́ lù ú. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Ó ran Bánkọ́lé lọ́wọ́. Òun jí nǹkan." Kòfowórọlá gbá eruku kúrò léjìká aṣọ dúdú lọ́yà náà. "Ìwọ, lọ́yà mi, gbogbo ìgbà tí o wá bá mi, o ò bi mí léèrè bóyá mo jí i."

Dámisọ́lá ronú padà sẹ́yìn, títí dé ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò rí ìgbà kankan tó bi í.

"Ẹ má bínú," ló tún wí.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ̀gbọ́n mi. A ń lọ."

Àwọn méjèèjì rìn lọ sí ìdíkọ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù ń tiro, ó ń ṣàròyé pé ẹjọ́ yìí ì bá ti tán láti oṣù méjì sẹ́yìn. Dámisọ́lá padà sínú ọgbà kóòtù. Bàbá àgbà kan ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì, ó ti di bírò mú, ó ti múra tán láti buwọ́ lùwé. Dámisọ́lá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì jókòó tì í.