Àkójọ Ẹrù Tí Ìyàwó Mi Ṣe

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Lára iṣẹ́ náà ni kí n máa wọ ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníléeṣẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí n sì fi síríà nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé wọn. Bí ìwé bá sọ pé ẹ̀rọ mẹ́wàá ló wà, tí mo wá bá mẹ́sàn-án, inú mi a máa dùn. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn kí n ká ẹni tí kò tọ́jú ìwé rẹ̀ mọ́. Ní ilé tèmi, ìyàwó mi ló ṣe ìwé ẹrù.

Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́rù ní Yeoville, àdúgbò kan nítòsí wa, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé lóòótọ́ ló ní ohun tó pè ní tirẹ̀. Obìnrin náà kò rí ẹ̀rí kankan mú wá. Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyàwó mi fi gbogbo ọjọ́ ya fọ́tò ilé wa ní Bruma, yàrá kan tẹ̀lé èkejì. Ó ya ẹrù kọ̀ọ̀kan lódindi, ó tún ya ibi tí síríà nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ó kọ iye tí a rà á, ó kọ iye tí a máa fi ra tuntun rẹ̀, nítorí iye tuntun ni íńṣọ́ránsì wa ń wò. Ó ya àwọn rìsíìtì náà kí yíǹkì ara wọn tó ṣá. Ó wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, ó ní bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, kí wọ́n má gbé ìwé náà lọ mọ́ ọn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó ń ka ẹrù ẹlẹ́rù kiri tí kò mọ iye ṣíbí tó wà nílé ara rẹ̀, iṣẹ́ wo ni òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ni. N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn, nítorí n kò rántí púpọ̀. Mo mọ̀ pé a gbé e lọ sin sílé ní Nàìjíríà. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Pretoria wá pẹ̀lú àbúrò wọn láti pín ẹrù rẹ̀, bí ẹbí ṣe máa ń ṣe. Aṣọ, bàtà, góòlù, báàgì. Wọ́n ní kí n wá wò ó kí wọ́n tó dì í, mo ní mo ti wò ó. N kò wo nǹkan kan. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò tàn.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, èmi àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá irin fèrèsé ilé ìdáná ní títẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tẹlifíṣọ̀n ti lọ, kọ̀ǹpútà mi àti ti ọmọ mi ti lọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wá, ó ń fi “eish, eish” kẹ́dùn ṣáá. Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́. Kò dùn mí, kò sì bí mi nínú. Mo fi pákó dí fèrèsé, mo dáná ìrẹsì.

Àwọn íńṣọ́ránsì ní àwọn ń rán ẹnìkan bọ̀ wá yẹ ilé wò, kí n ti ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n jí dè é. Mo ṣí ímeèlì ìyàwó mi lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tí mo gbé wálé. Ohun tí mo bá rí nínú ilé, mo yọ ọ́ kúrò. Ohun tí n kò bá rí, mo fi í sílẹ̀. Mo yí àkòrí rẹ̀ sí “Ẹrù tí olè kó”, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí akọ̀wé oníléeṣẹ́ kan bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi, n bá bú u.

Àgbàlagbà Súlù kan ni wọ́n rán wá. Ó wo fèrèsé, ó wo ihò tó wà lára ògiri níbi tí a gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sí, ó ń fi fọ́tò wé e. Nígbà tó dé yàrá, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi. Kò sí aṣọ kankan níbẹ̀, gbogbo ìfàṣọkọ́ ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, létòlétò. Ó fi ìka kan pẹpẹ, ó wo eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tún wo àwọn aṣọ àti báàgì tó wà nínú ìwé mi. Ó bi mí níbo ni ìyàwó mi wà. Mo sọ fún un. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láìbèèrè, ó dá ìwé náà padà fún mi.

“Ọ̀gá, n kò tíì rí ìwé yìí,” ló wí. “Ẹ ṣe òmíràn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Bí ohun kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tí olè kò gbé, wọ́n lè sọ pé jìbìtì ni, wọn ò sì ní san kọ́bọ̀.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Oníṣirò owó tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún jìbìtì, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà sì lè tán. Síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni olè gbé, èyí ni ẹbí gbé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ní ṣé mo fẹ́ pe àwọn ní olè ni? Mo ṣàlàyé títí ó fi rọlẹ̀, ó sì lọ kó àpótí jáde. Mo ń ka ìwé, ó ń dáhùn. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù tí ìwé iye owó rẹ̀ wà: ó wà lọ́dọ̀ òun. Aago ọwọ́: ó wà lọ́dọ̀ àbúrò àwọn. Báàgì dúdú, báàgì pupa. Bó ti ń dáhùn ni mò ń fa igi lé wọn. Ó ń sunkún, èmi kò sunkún. A dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ó ní àwọn kò rí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan.

Ara tù mí, kí n sọ òótọ́. Ohun kan nìyẹn tí mo lè fi dá olè lẹ́bi. Fọ́tò rẹ̀ wà, síríà nọ́ńbà wà, rìsíìtì wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sọ síta pé ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà lára ohun tí olè gbé.

Ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ ní apá kejì tábìlì. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, ohunkóhun tí mo bá sọ. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló sọ.

“Dádì, olè kọ́ ló gbé e. Ẹ̀yin lẹ gbé e fún màmá tó ń ránṣọ ní Jeppestown, ọjọ́ tí wọ́n wá kí wa. Ẹ fọwọ́ ara yín gbé e sínú búùtù wọn. Mo sọ fún yín pé mo fẹ́ ẹ. Ẹ ní ó dáa. Ẹ wá ń gbé e lọ.”

N kò rántí. Mo gbìyànjú títí, n kò rántí màmá náà, n kò rántí búùtù. Mo tún wo fọ́tò. Aṣọ búlúù kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà, kékeré, ìwọ̀n ọmọdé. Ojú tì mí gidigidi, ohun àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó dùn mí dénú láti oṣù kẹjọ.

Mo ní n ó lọ gbà á padà. Ọmọ mi ní màmá náà ti kó lọ sílé ní Nàìjíríà nígbà Kérésìmesì, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì jókòó níbẹ̀. Mo mú gègé, mo fa igi lé ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ó bi mí bóyá àwọn íńṣọ́ránsì lè ra òmíràn fún òun. Mo ní rárá, wọn kì í san ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún ẹlòmíràn.

“Okay,” ló wí, ó sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀.