Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ-Má-Mira Kọ Sórí Fọ́tò

Kò sẹ́ni tó ń pe ayafọ́tò yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ẹ-Má-Mira ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí gbólóhùn yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó jẹ́ pé fọ́tò pélébé ti ìwé ìrìnnà ló ń yà, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sídìí fọ́tò ìgbéyàwó, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Tó bá wo fèrèsé gbọ̀ngàn kan lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa wà nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé bọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣókí. Ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ bá ti sọ tán, òun á tún fẹnu sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wá fẹ́ lọ sílé ọkọ, Ẹ-Má-Mira kò béèrè ẹni tó máa ya fọ́tò. Kí ni ìbéèrè ọ̀hún fẹ́ jẹ́? Ó ti lọ wo gbọ̀ngàn náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó sì ti bá olùtọ́jú ibẹ̀ jà nítorí kọ́tìnnì tó ń dí ìmọ́lẹ̀.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe bá a lójijì.

"Dádì, à ń wo iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín náà ránṣẹ́."

"Tèmi wo?"

"Iṣẹ́ yín. Fọ́tò mẹ́wàá, kí ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra, irú èyí tí èèyàn ń fi ìka rọ́ lórí fóònù. Kí ọ̀rọ̀ ṣókí kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn yòókù ṣe ṣe é nìyẹn. Èyí tó bá dáa jù la máa mú."

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra, ti kọjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Fi ránṣẹ́ sí wọn jàre, bàbá ọmọ mi," lobìnrin náà wí. "Ó yẹ kí àwọn àna wa mọ̀ pé o níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ó fi ìbínú ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Fọ́tò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dá ìka dúró, ó mọ ìyẹn, torí náà ó fi ìyàwó tó dúró nínú òjò ṣíwájú. Kò jẹ́ kí fọ́tò méjì tó yà láti ọ̀ọ́kán tẹ̀ léra. Tí ó bá fi gbogbo gbọ̀ngàn hàn, ọwọ́ àti òrùka ló máa fi tẹ̀ lé e. Èyí tó gbẹ̀yìn ló fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà fóònù, níbi tí gbogbo ayafọ́tò ti máa ń kọ ọ́ pé àyè ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n síṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ̀rọ̀ sórí wọn, ó sì fi ránṣẹ́ sọ́mọ.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi pè é. Ó ń kà á sí i létí.

"'Òjò pa mí títí kí n tó rí èyí.' 'Àkàbà ni mo gùn, ẹsẹ̀ mi sì wú.' 'Iná lọ. Èmi ò lọ.' Dádì, ta ló ń ṣègbéyàwó níbí?"

"Báwo?"

"Òjò, ẹ̀yin ló pa. Àkàbà, ẹ̀yin lẹ gùn ún. Iná lọ, ẹ̀yin lẹ ò lọ. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó kàn ń kọjá lọ ni?"

Ẹ̀rín bú látinú ilé ìdáná. Ẹ-Má-Mira ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ wo fọ́tò, kí ẹ kọ ohun táwọn tó wà nínú ẹ̀ ń ṣe. Gbólóhùn kan péré. Ẹni tó ń fi ìka rọ́ ọ ò ní dúró kàwé."

Ó kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn ayafọ́tò ìsinsìnyí ṣe ń kọ tiwọn. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé "Títí ayé" ló kọ sórí èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Èyí tí kò kọ ọ́ sí, "Ìfẹ́ rí ilé" ló kọ síbẹ̀. Ẹ-Má-Mira rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ẹni tó ń ta àga lè fi ọ̀rọ̀ yẹn polówó àga, kó sì bá a mu.

Ó bá gbé fọ́tò tirẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó fẹ̀ wọ́n kí ojú rẹ̀ lè rí wọn dáadáa. Ìyàwó inú òjò: ọwọ́ kan ló di agboòrùn mú lókè orí rẹ̀, fọ́tò sì gé e ní ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ta ni? Ó rò ó títí. Bàbá ìyàwó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí bàbá náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo èyí tó yà láti orí àkàbà: fìlà bàbá kan ló yọ díẹ̀ lábẹ́ ìbòrí ìyàwó. Níbi ijó, ẹ̀yìn bàbá kan ló ń jáde lọ. Ó wo fọ́tò títí, gbogbo ìyàwó wọ̀nyẹn ni wọ́n ní bàbá, kò sì sí bàbá kankan tí ojú rẹ̀ hàn tán.

Ó lọ tú àwọn ògidì fọ́tò jáde, èyí tí kò tíì gé. Gbogbo àwọn bàbá náà wà níbẹ̀, nínú aṣọ tuntun, wọ́n dúró gbagidi, wọ́n ń wo ayafọ́tò bí ẹni tó ń retí kí wọ́n sọ ibi tí òun máa dúró sí fún òun.

Ẹ-Má-Mira jókòó tì wọ́n. Ibi tí òun náà máa wà lọ́jọ́ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: ẹ̀yìn kámẹ́rà. Fìlà tirẹ̀ pàápàá kò ní hàn.

Ó tún fọ́tò gé, ó tún ọ̀rọ̀ kọ. Òjò: "Bàbá rẹ̀ ló gbé agboòrùn. Òun gan-an ti tutù." Ọ̀nà àárín gbọ̀ngàn: "Bàbá rẹ̀ ń rọra rìn, kí wọ́n má baà tètè débẹ̀." Ijó: "Orin ti tán. Bàbá rẹ̀ ò tíì mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á dópin.

"Wọ́n ní kó o yọ ara ẹ kúrò nínú ẹ̀," ó wí. "O yọ ara ẹ, o wá kó gbogbo bàbá ayé wọlé. Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o lè kọ ohun tí kì í ṣe nípa ẹ ṣá?"

Ẹ-Má-Mira ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ orí fọ́tò tó gbẹ̀yìn ló ń kọ. Ó pa "àyè ṣì wà" rẹ́, ó fi ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ má pè mí lọ́jọ́ yìí. Ọmọ mi ló ń ṣègbéyàwó." Kò fi ránṣẹ́ sọ́mọ nìkan mọ́, ojú ìwé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo oníbàárà ń wò, ló gbé e sí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wà lára fọ́tò, wọn kì í tún un ṣe níbẹ̀ mọ́, àfi kéèyàn yọ ọ́ kúrò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ pè. Ó ti rí ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn náà.

"Dádì, mo fẹ́ kí ẹ fìdí rẹmi ni o. Mi ò mọ bí mo ṣe máa wí i pé mi ò fẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa mú mi wọlé."

"Mo ti gbọ́. Ta lẹ wá mú?"

"Ẹni tó ń kọ 'Títí ayé'."

Ẹ-Má-Mira gbé fóònù sí etí kejì.

"Ṣé o rí i pé ó mọ ìmọ́lẹ̀?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Dádì."

"Ó dáa. Kó má ṣáà kọ nǹkan kan sórí tèmi."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ bá a níwájú dígí. Ó nà ró, ó kó ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tún kó wọn sẹ́yìn, ó ki ọ̀kan bọ àpò.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ọwọ́ yìí," ló wí. "Ibo làwọn èèyàn ń kó o sí?"