Ohùn Màmá Agbẹ̀bí Nínú Yàrá Aṣọ

Obìnrin kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Etí-Ò-Sùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ọ̀rọ̀ àwọn àlejò sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tún un ṣe, kó sì gbé e jáde kí ayé gbọ́. Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló fi ṣe ibi iṣẹ́: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àti tìmùtìmù àtijọ́ tó gbé ti ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé òun rò pé òun fẹ́ ìyàwó ni, àṣé etí méjì lòun gbé wọlé. Bí ọkùnrin náà bá rọra ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á ti béèrè láti yàrá ẹ̀yìn pé ẹran mélòó ló mú.

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Olóòtú ló máa ń bá àwọn àlejò náà sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó dá ètò tiwọn sílẹ̀. Olóòtú mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu èèyàn bí ẹni ń fa òwú lójú abẹ́rẹ́. Ìkánjú nìkan ni àléébù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Olóòtú pè é lórí fóònù. Ó ní òun ti rí màmá kan nílùú tó jìnnà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì ìlú ọ̀hún gbà wáyé. Àìsàn kan ti mú màmá náà lọ́fun. Dókítà ti ní àwọn máa yọ gògóńgò wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́, ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ wọn ti lọ nìyẹn.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ṣe é," ni Olóòtú wí. "Bó bá bàjẹ́, a ò rí òmíràn gbà."

Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin ni màmá ń gbé. Télọ̀ ni ọmọ náà, àgbàlagbà tó rọra ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la, Etí-Ò-Sùn pè é láti wo ibi tí wọ́n máa jókòó sí.

"Màmá ní pálọ̀ ni," télọ̀ sọ. "Wọ́n ti ní kí n nu àga ńlá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró sáàárín pálọ̀ náà, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Télọ̀ pàtẹ́wọ́. Ohùn àtẹ́wọ́ náà kọlu ògiri, ó kọlu ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì tẹ́, ó tún padà wá.

"Bíi inú kànga ló ń dún. Inú ṣọ́ọ̀bù yín wá ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ àfi aṣọ. Èyí tí mo ti rán, èyí tí mo ṣì fẹ́ gé, òmíràn wà lára okùn títí kan àjà."

Ó wọ ibẹ̀ lọ, ó pàtẹ́wọ́. Àwọn aṣọ gbé ohùn náà mì kó tó délẹ̀.

"Ibẹ̀ la fẹ́," Etí-Ò-Sùn wí.

Ẹni tó fèsì kì í ṣe télọ̀ mọ́. Màmá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn wọn há, ó dà bí ìgbà tí ìgbálẹ̀ ń ha iyanrìn. "Ṣé inú àkísà lẹ fẹ́ kí n lọ jókòó sí níwájú gbogbo ayé?"

Etí-Ò-Sùn kí wọn tìfẹ̀sọ̀tìfẹ̀sọ̀. "Màmá mi, ẹ má bínú. Bí àwòrán ò bá dára tó, èèyàn á ṣì fara dà á. Àmọ́ bí ohùn ò bá já geere, wọ́n á pa á, wọ́n á bá tiwọn lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín délẹ̀ ni."

Màmá wò yíká ṣọ́ọ̀bù náà. "Ó dáa. Àga mi á bá mi lọ síbẹ̀."

Báyìí ni àga ńlá ṣe bọ́ sáàárín aṣọ lọ́jọ́ kejì. Télọ̀ to aṣọ lé orí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó gbé fóònù lé e títí kámẹ́rà fi bá ojú màmá dọ́gba. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí fèrèsé, wọ́n wá dúdú bí òjìji. Ó yí àga padà, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí wọn lójú. Ó pa fáànù. Ó ki wáyà íyapíìsì bọ fóònù, kí ohùn Olóòtú lè máa lọ sínú etí màmá tààrà, kó má tún padà wọ inú ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Gbohùngbohùn kékeré tó wà lára wáyà náà ń ha mọ́ aṣọ màmá, ló bá fi pín-ìnnì kan gbé e jìnnà sí àyà wọn. Etí-Ò-Sùn ní kó ki fóònù bọ iná, kó ti ọ̀nà mọ́ ìpè èyíkéyìí, kó sì pa àwọn fídíò àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà.

Nígbà tí gbogbo wọn wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú láti ilé tirẹ̀, Olóòtú figbe bọnu.

"Ojú màmá ń fọ́ wẹ́wẹ́ lórí fóònù mi. Irú àwòrán wo nìyí?"

"Fi í sílẹ̀. Èyí tó ò ń rí yẹn, ọ̀nà ló bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fóònù wọn ń gba ohùn àti àwòrán sínú ara rẹ̀ níbẹ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fọwọ́ kàn án. Fóònù tìẹ náà ń gba tìẹ. Èyí tó wà nínú fóònù la máa lò."

Ó ní kí màmá àti Olóòtú pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níwájú kámẹ́rà, kí òun lè fi mú ohùn bá àwòrán mu nígbà tó bá yá. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kò kọ́kọ́ lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, màmá náà sì máa ń sinmi kí wọ́n tó fèsì. Olóòtú á rò pé wọn ò gbọ́, á tún ìbéèrè bi wọ́n, yóò sì kọlu èsì tó ti ń bọ̀. Màmá á dánu dúró fún un. Etí-Ò-Sùn kọ ọ̀rọ̀ sí Olóòtú lójú kọ̀ǹpútà: "Béèrè, kó o panu mọ́. Mi orí nìkan. Má dáhùn pé ẹn-ẹn."

Olóòtú ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì rí ẹsẹ̀ rìn. Màmá sọ nípa aboyún kan tó kọ̀ láti dùbúlẹ̀, tó di férémù ilẹ̀kùn mú, tó sì bímọ lórí ìdúró. "Mo fẹ́ bá a wí," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti yọjú, ta ni mo fẹ́ bá jà? Látọjọ́ náà, mi ò sọ fún obìnrin kankan mọ́ bó ṣe máa dúró."

Wọ́n ti ń lọ sórí ìtàn mìíràn nígbà tí àwòrán dúró gbagidi. Ẹnu màmá là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo.

Olóòtú gbá orí mú. Etí-Ò-Sùn ti ń pe fóònù kejì tó wà lápò télọ̀. Télọ̀ yára jáde síta, kí ohùn tirẹ̀ má baà wọ inú iṣẹ́, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ má fọwọ́ kan fóònù tó wà lórí máṣíìnì," Etí-Ò-Sùn sọ fún un. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Fóònù náà ṣì ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá pa ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣí lórí rẹ̀ dé, gbogbo ohun tó ti gbà lè sọ nù."

Wọ́n dúró dè é. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé, màmá ṣì wà lórí àga wọn, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ lọ títí tí ohùn wọn fi rẹ̀. Lẹ́yìn ìdágbére, télọ̀ jókòó ti fóònù náà bí adìyẹ tó sàba, ó ń wò ó bó ṣe ń fi ohun tó gbà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Etí-Ò-Sùn bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣẹ́ náà. Aago fóònù méjì kì í sáré bákan náà, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ti ń gùn ni ohùn ọ̀kan ń fi bíńtín ṣáájú èkejì. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ bá wà ló ti ń sún un. Ohùn màmá mọ́ bí ẹni pé wọ́n jókòó tì í. Ó wá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Ó gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe dé. Ó gbọ́ màmá tí wọ́n béèrè pé, "Ẹ ti lọ ni?" Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Mí. Rọra mí. Mi ò lọ síbì kankan, mo wà níbí." Wọ́n dárúkọ obìnrin kan. "Ìwọ náà bẹ̀rù lọ́jọ́ tí ò ń rọbí, mo ní kò ní pẹ́ mọ́. O gbà mí gbọ́. Èmi náà ń bẹ̀rù báyìí. Mí, ìyá, mí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn màmá le padà: "Ṣé wọ́n ti dé?"

Etí-Ò-Sùn yọ ohun tó kì sétí. Ó gé ibi tó gbọ́ yìí lọ́tọ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí Olóòtú.

"Òun la máa fi bẹ̀rẹ̀ ètò," Olóòtú wí lẹ́yìn tó gbọ́ ọ.

"Màmá rò pé a ti lọ ni."

"Wọ́n jókòó níwájú kámẹ́rà. Wọ́n mọ̀ pé a ń gbà wọ́n sílẹ̀."

"Wọ́n mọ̀ pé à ń gba ohun tí wọ́n ń sọ fún wa. A ò sí níbẹ̀ nígbà yìí. Kò yàtọ̀ sí kéèyàn dúró sẹ́yìn fèrèsé."

Ìkánjú Olóòtú rọlẹ̀. "Pè wọ́n, kó tó di pé wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bóyá ká lò ó."

Ó pè. Ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ti rí, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Màmá ní kó jẹ́ káwọn gbọ́ ọ. Ó fi í sétí wọn látòkèdélẹ̀.

"Ohùn mi ṣì wà níbẹ̀ o," màmá sọ nígbà tó parí. "Mo rò pé ó ti lọ tán."

"Bí ẹ bá ní ká yọ ọ́, màá yọ ọ́, màmá."

"Yọ orúkọ obìnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ ìrọbí rẹ̀ kì í ṣe tèmi láti máa pín kiri. Fi ìyókù sílẹ̀. Ẹnì kan lè máa rọbí níbì kan tí kò ní rẹ́ni dúró tì í." Wọ́n wúkọ́. "Kó o fi ibi yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ mi lọ́tọ̀. Kò mọ̀ pé mo máa ń bẹ̀rù."

Ètò náà jáde nígbà tí màmá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, ohùn sì lọ bí dókítà ṣe wí. Télọ̀ kọ̀wé pé òun ti gbọ́ tòun, kò sì kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara màmá yá, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn ò sì jẹ́ kí Etí-Ò-Sùn sinmi mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣì kù. Wọ́n ní àwọn á máa kọ ọ́, télọ̀ á sì máa kà á jáde. Wọ́n tún jókòó sáàárín aṣọ, ìyá àti ọmọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà. Ìwé kíkà ò dán mọ́rán lẹ́nu télọ̀. Bó bá ti fo ọ̀rọ̀ kan báyìí, màmá á fọwọ́ gbá tábìlì, télọ̀ á padà sẹ́yìn, á tún un kà.

Olóòtú béèrè bóyá kí wọ́n gé ìró tábìlì tí màmá ń gbá kúrò.

"Rárá," Etí-Ò-Sùn dáhùn. "Màmá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."