Jákẹ́ẹ̀tì Tó Balẹ̀ Lára

Ẹ bá mi kí ọkùnrin tó mọ iyì èjìká ara rẹ̀. Oòrùn Òmù-Àrán ń sun ún, eruku bò ó, síbẹ̀ ó gun alùpùpù rẹ̀ wọ̀lú bí ọba tó ṣẹ́gun, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ balẹ̀ lára láìsí kókó kan. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú rẹ̀ tán láàárín àwa olùkọ́.

Jákẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí kì í ṣe ti òtútù. Aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ ni, bí àwọ̀n, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá béèyàn bá ti ń sáré. Bí ẹ bá fi omi rin síńgílẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé oòrùn. Àpò wà nínú rẹ̀ ní èjìká, ìgúnpá àti ẹ̀yìn, tìmùtìmù líle sì wà nínú àpò. Òun ló ń gba ìyà béèyàn bá ṣubú. Òun náà ló ń mú kí èjìká wú bíi ti ẹni tó jí iṣu pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wa tó ń gun alùpùpù lọ ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀sìẹ́ ń yọ tìmùtìmù náà sọnù. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọ̀n ìpẹja lásán ni wọ́n wọ̀.

Àbúrò mi, tó ń ṣe télọ̀, wá yá jákẹ́ẹ̀tì tèmi láti fi gun alùpùpù lọ sí Rore. Mo kó o fún un, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Bó ti ń fa síìpù, ó wá sí mi lẹ́nu láti sọ nǹkan kan. Mo ní Rore kò jìnnà.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló mú kí taya iwájú yọ̀ nítòsí Agbamu, ó sì ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò họ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ́. Ìgúnpá ọ̀tún ló fọ́, apá tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú. Dókítà ní òun ò lè búra pé yóò tún nà tán.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó fi ọwọ́ òsì tú jákẹ́ẹ̀tì náà wò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo ni wọ́n tà fún yín. Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, ẹ ò yẹ àpò wò?”

Mo ní kó jẹun.

“N ò jẹ. Tí mo bá dìde, èmi àti ọlọ́jà òkìríkà tó tà á fún yín ni.”

Màmá wa ò tilẹ̀ dúró kó dìde. Wọ́n ti ń wé gèlè láti lọ bá ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà, ní ọjọ́ tí mo ra jákẹ́ẹ̀tì náà, ti tẹ tìmùtìmù kọ̀ọ̀kan fún mi, ó ní n má ṣe yọ ọ́ nítorí ooru.

Mo bẹ Màmá kí wọ́n jókòó. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. N kò lè wo apá àbúrò mi.

Èmi náà ti yọ tìmùtìmù náà sọnù.