Ẹrù Tí Àǹtí Ẹ-Pa-á Kó Lọ Sórí Kọ̀ǹpútà Tuntun

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pariwo "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" nínú ọ́fíìsì wa, ẹ má sá, kì í ṣe ejò. Àǹtí tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa ni. Búráúsà ló ní kí a pa, ìyẹn ohun tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òun tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó dúró kí òun ka gbólóhùn kan sí i, á gbọ́ tirẹ̀.

"Tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ nígbà tí mo ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, tí ẹ bá wá pa á nírọ̀lẹ́, ti àtijọ́ ló máa kọ lé tèmi lórí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni?"

Bó ṣe di Àǹtí Ẹ-Pa-á nìyẹn. Obìnrin kúkúrú ni, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, ìdì kọ́kọ́rọ́ sì máa ń dún ní ìbàdí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. Mi ò tí ì rí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ká sọ tòótọ́, ó máa ń bí mi nínú, torí pé òun náà ló sábà máa ń jàre.

Iṣẹ́ wa ni láti ṣe ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí oògùn, èyí tí ẹ̀ ń ká sọnù láìkà. Èmi ni mò ń to ọ̀rọ̀ sójú ewé. Bàbá Kọ́mà ló ń kà á lẹ́yìn mi kó tó lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nísàlẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ni Bàbá Kọ́mà o, torí kò sí ìjà tí kò lè bá èèyàn jà nítorí kọ́mà kan ṣoṣo. Ìjà wa kò sì tán rí, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn dáadáa bí ìwé kan bá kọjá láìjẹ́ pé ó kà á.

Ohun kan wà tí àwa tí a jókòó tì í mọ̀, tí a ò sì sọ fún Màdámù tó ni ilé iṣẹ́. Ojú Bàbá ti rẹ̀. Awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ohun tó gbé e ró ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ọ́fíìsì nígbà kan, ó sì bá a yí ìwọ̀n lẹ́tà nínú búráúsà rẹ̀ padà, tí gbogbo ojú ewé tó ń kà fi tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta. Bàbá kò béèrè bó ṣe ṣe é. Ó kàn ń kà á lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó tún ti to àmì sí òkè búráúsà náà, àmì tó bá tẹ̀ báyìí, ó ti dé ojú ewé oògùn tó ń wá. Ti ọmọdé wà lọ́tọ̀, ti àgbàlagbà wà lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ tò bí àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó tuntun.

Ìgbà yẹn ni Màdámù ra kọ̀ǹpútà tuntun fún gbogbo wa. Búráúsà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ó pè wá jọ, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kò sí pé à ń tẹ ìwé sórí bébà kí a tó kà á. Ojú kọ̀ǹpútà ni a ó ti máa kà á, ẹni tí kò bá lè bá a mu, yóò lọ máa di páálí nísàlẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Kọ́mà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

Àǹtí ní kí a fọkàn balẹ̀. Ó ti kọ sìkírípìtì kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a tò tẹ̀léra tí kọ̀ǹpútà á máa ṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í. Sìkírípìtì náà á wọ inú búráúsà àtijọ́, á kó àwọn àmì ẹni pẹ̀lú àpò tí wọ́n wà nínú rẹ̀, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tí búráúsà tuntun lè gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ló máa kó ètò tí kálukú ṣe fún ara rẹ̀: èdè tó fẹ́, ibi tí fáìlì tó bá gbà ń já sí, bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Á kọ ìwọ̀nyẹn sínú fáìlì ètò ti tuntun.

"Ọ̀rọ̀ aṣínà kò sí nínú ẹrù mi o," ló wí. "Kálukú á tẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀, kó má pè mí."

Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé lọ, ó wá kan tèmi. Gbogbo àmì mi ló dé láìku ọ̀kan. Ó wo ìkan nínú wọn, ó gbójú sókè.

"Bí a ṣe ń kọ ìwé ìfipòsílẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á," mo fèsì. Ó rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fi ń dún.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kọ́mà, ó ka àmì tó wà lórí ti àtijọ́, ó ka ti tuntun, iye kan náà ni. Ó wo nọ́ńbà ìwọ̀n lẹ́tà, ó bá ti àtijọ́ mu. "Ó pé, Bàbá. Kò sí ohun tó ṣubú lọ́nà." Ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí Bàbá tó jókòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i pé Bàbá ń fi imú kan ojú kọ̀ǹpútà. Ó ń tẹ "mo ti kà á" lórí ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sì bá mi jà lórí ohunkóhun. Àìjà yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Mo lọ bá Àǹtí.

"Mo kà á, ó pé," ló wí, kò tilẹ̀ yíjú.

"Àǹtí, Bàbá kò bá mi jà láti àárọ̀."

Ó yíjú wàyí. Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, Bàbá ti ń kó ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àti ife rẹ̀ sínú àpò.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" ni Àǹtí bi í.

"Ọ̀dọ̀ Màdámù. Màá ní kó gbé mi sọ̀kalẹ̀ kó tó rí mi fúnra rẹ̀." Ohùn rẹ̀ tutù. "Ojú mi ti lọ, ọmọ mi. Ní àná mo ṣì ń kà á. Lónìí, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń rá bàbà."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Kí n pè ọ́ fún kí ni? Ìwọ lo ní ó pé. Tí ìwọ bá ní ó pé, ó pé. Ojú ló kù."

Mo wo ojú Àǹtí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí a kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ sí, ó gbé ti Bàbá padà wá fúnra rẹ̀, ó tàn án, ó sì ṣí ojú ewé kan náà lórí méjèèjì. Èmi tí ojú mi dá ṣáṣá rí i lójú ẹsẹ̀. Ti tuntun tóbi díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ti àtijọ́ dé rárá.

"Ẹ pa á," ló wí fún Bàbá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá pa búráúsà náà. Àǹtí ṣí fáìlì ètò rẹ̀. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́ta náà ló wà nínú ti àtijọ́. Ó wò ó títí, ló bá gbá orí ara rẹ̀.

"Èmi ni! Ní ti àtijọ́, mẹ́ta jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ní ti tuntun, mẹ́ta jẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kàn ń fi ìdá kan nínú márùn-ún kún èyí tó wà nílẹ̀ ni. Tí a bá gun mẹ́ta, a ò tíì dé ìlọ́po méjì pàápàá. Àtẹ̀gùn mẹ́fà àti díẹ̀ ni yóò gbé Bàbá dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ni mo gbé wá, mi ò gbé ìtumọ̀ rẹ̀."

"Kí ló dé tí tiwa kò bàjẹ́?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin ò fọwọ́ kan lẹ́tà yín rí. Ẹni tí kò yí i, kò sí nọ́ńbà tí màá kó. Bàbá nìkan ló ní ẹrù yẹn lọ́wọ́."

Màdámù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo àpò, ó wo Bàbá. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?"

Ẹnu Bàbá ṣí, ṣùgbọ́n Àǹtí ló sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń pariwo "Ẹ pa á" náà ló lò, kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́. "Àṣìṣe mi ni, Màdámù. Mo gbé ẹrù Bàbá wá láàbọ̀, mo sì sọ fún wọn pé ó pé. Ojú wọn kò lọ síbì kankan." Mi ò gbọ́ "àṣìṣe mi" lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má sọ fún un.

Ó tún sìkírípìtì rẹ̀ kọ, kí ó lè máa ṣírò àtẹ̀gùn dípò kó máa da nọ́ńbà kọ. Ó tún un ṣe fún Bàbá, ó ní kó ṣí i. Lẹ́tà náà jáde, gbàgàdà.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sórí àwọn ojú ewé tó ti tẹ̀ láàárọ̀, ó ń kà wọ́n lọ. Lójijì ló fi ìka gún ojú kọ̀ǹpútà. Oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé ni. Ìwé tí àwọn olóògùn fọwọ́ sí ní mílílítà 2,5, ìyẹn méjì àti ààbọ̀, torí kọ́mà ni àwọn fi ń ya ìdá sọ́tọ̀ nínú iye. Tiwa ní 25.

"Kọ́mà!" Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé ó lè sáré. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: "Ẹ dá ẹ̀rọ yẹn dúró! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Orí bá wa ṣe é.

Nígbà tó padà gòkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò jókòó. Ó dojú kọ Màdámù. "Ojú mi kò dára, Màdámù. Ó ti pẹ́. Bí lẹ́tà kò bá tóbi, mi ò lè ṣe é. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ ohun tí mi ò rí. Mi ò tún jẹ́ ṣe é mọ́ láé."

Màdámù wo iye 25 tó ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ọmọ ọmọ, ọmọ náà sì ń wúkọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó mú àpò Bàbá, ó yọ ife rẹ̀ jáde, ó gbé e padà sórí tábìlì.

"Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín tóbi bó bá ṣe wù yín," ló wí. "Kó tóbi bí ilé."

Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí ṣì ń pariwo kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń ka àmì kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti kó ẹrù ẹnikẹ́ni dé, kì í sọ pé ó pé mọ́. Ó máa ń fa àga, á jókòó ti olúwa rẹ̀, á ní kó ṣí ojú ewé tó máa ń kà jù. Á wá bi í pé, "Ṣé ẹ rí i?" Kò sì ní dìde títí tí olúwa rẹ̀ yóò fi dáhùn.